Àkékúrú ìwé ètò ìwádìí wa lórí ìpè ìránnilétí fáwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ kọmitíì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí. Ojú ìwé 48 ni ìwé ètò tá a fi ránṣẹ́ sí yín, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín lẹ jẹ́ oníṣègùn, ìdí nìyẹn tá a fi gé e kúrú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí níbí wà nínú ìwé ńlá yẹn, kò sì séwu kankan tá a yọ kúrò torí pé kò dùn ún gbọ́. Tó bá jẹ́ ibi díẹ̀ lẹ máa ráyè kà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka apá ewu àti apá ìfọwọ́sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tá a fẹ́ mọ̀

Ojoojúmọ́ lèèyàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ ló sì máa lò ó títí ayé, bẹ́ẹ̀ àìsàn náà kì í sábà fara hàn, orí lè má fọ́ni, ojú lè má pòòyì, ara á le, èèyàn á wá máa rò pé òun ti gbádùn, bí oògùn ṣe ń di ohun ìgbàgbé nìyẹn. Ìgbà tó bá sì máa fara hàn, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ló máa gbé wá, tàbí kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tá a wá fẹ́ mọ̀ ni pé, tí ìpè fóònù bá ń rán èèyàn létí lójoojúmọ́ fún oṣù 6, ṣé á máa lo oògùn ẹ̀ déédéé ju ẹni tí wọn ò pè lọ, ṣé bíípíì ẹ̀ á sì wá sábẹ́ 140/90? A tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń pè, bó ṣe rí lára wọn, ṣó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́ ni àbí ó ń sú wọn.

A ò dán oògùn tuntun kankan wò o. Oògùn tí dókítà oníkálukú ti kọ fún un náà lá máa lò, a ò ní yí i pa dà, a ò sì ní gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó máa kópa

Èèyàn 180 là ń wá, àgbàlagbà tó ti pé ọdún 18 sókè, tí dókítà ti sọ fún pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ti ń lo oògùn fún ó kéré tán oṣù 3. Kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ kèké, 90 máa gba ìpè, 90 yòókù á máa gba ìtọ́jú wọn bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àwa la máa mú, kì í sì í ṣe dókítà, káwọn kan má bàa sọ pé ojúsàájú la fi pín wọn.

Ó yẹ ká tẹnu mọ́ èyí dáadáa: kò sẹ́ni tá a máa fi oògùn dù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà, láti 1932 dé 1972, kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá ń pín èèyàn sí ọ̀nà méjì nítorí ìwádìí. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní syphilis, ìyẹn àìsàn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni, ni wọ́n ń wò lójú, wọn ò sọ òótọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, kódà nígbà tí pẹnisílíìnì ti dé tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń wò ó, wọn ò fún wọn. Torí bẹ́ẹ̀, àwọn 90 tí a ò pè yẹn, ìtọ́jú wọn ò ní dín rárá, tí oṣù 6 bá sì pé táwọn náà bá fẹ́ ìpè yẹn, a máa fún wọn.

Àwọn tí a ò ní gbà ni aláboyún, torí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún yàtọ̀, àwọn oògùn kan bíi lisinopril ò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n fẹnu kàn án. Ẹni tó ti wà nínú ìwádìí mí-ìn tó ń dán oògùn wò. Àtẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè dá ìpinnu ṣe fúnra ẹ̀. Àìmọ̀wékà kì í ṣe ìdí tá a fi máa dá èèyàn pa dà. Ìdí tá a fi yan ìpè dípò àtẹ̀jíṣẹ́ nìyẹn, ẹni tí ò lè kàwé á gbọ́ ohùn.

Ohun tá a máa ní kí wọ́n ṣe

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa wá, ní ìbẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta, àti ní oṣù kẹfà. A máa wọn bíípíì wọn, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà ní ìwọ̀n ọkàn, wọn ò ní sọ̀rọ̀, a máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. A máa ka oògùn tó ṣẹ́ kù nínú páálí wọn. Èèyàn 20 nínú àwọn tó gba ìpè la máa bá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, a sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà. A máa san owó ọkọ̀ wọn pa dà, kò ju ìyẹn lọ, a ò fẹ́ kó jẹ́ pé owó ló máa fa ẹnikẹ́ni wọnú ẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn méjì nínú mẹ́ta nínú ikọ̀ wa, wọ́n á ní ìwádìí yìí ò léwu, ṣebí kò sábẹ́rẹ́, kò sóògùn tuntun, kí ló kù. Èmi tí mo kọ àkékúrú yìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ara, àṣírí ló jẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀pọ̀ ni ò tíì sọ fún ẹnì kankan nílé tàbí níbi iṣẹ́ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí fóònù bá wá dún, ẹlòmíì gbé e, ohùn kan ní "oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti tó ó lò", ọ̀rọ̀ ti jáde nìyẹn, kò sì ṣeé gbá jọ mọ́, ó lè di wàhálà láàárín tọkọtaya, ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo èèyàn bí aláìlera. Torí ẹ̀ la ò fi ní dárúkọ àìsàn, a ò ní dárúkọ oògùn, a ò sì ní dárúkọ kílíníìkì. Ohun tí ìpè náà máa sọ ò ju báyìí lọ:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Àkókò tẹ́ ẹ ní ká rán yín létí ti tó. Ẹ tẹ 1 tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ tẹ 2 tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká tún pè lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ ṣeun."

Àwọn fúnra wọn ló máa yan aago tí fóònù máa dún, wọ́n sì lè yí i pa dà nígbàkigbà.

Ewu kejì ni ìbẹ̀rù. Èèyàn lè wá ká wọn bíípíì fún un, kí nọ́ńbà tó jáde já a láyà. Tó bá dé 180/120, a máa jẹ́ kó sinmi, a máa tún un wọ̀n, tí kò bá wálẹ̀, nọ́ọ̀sì máa mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá wá ń sọ pé àyà ń dun òun, tí kò lè mí dáadáa, tí ẹnu ń wọ́, tàbí tí apá kan ara ẹ̀ rọ, pàjáwìrì nìyẹn, kò sí pé ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró wọ̀n ọ́n.

Èyí tó kù ò tó nǹkan: ẹ̀rọ máa fún apá díẹ̀, ìrìnnà á gba àkókò wọn. Ní ti àkọsílẹ̀, nọ́ńbà la máa fi dípò orúkọ, ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà á wà lọ́tọ̀ lábẹ́ páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni méjì péré, a máa pa ohùn rẹ́ tá a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán, a sì máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ọdún 5.

Àǹfààní ńkọ́? A ò lè ṣèlérí pé bíípíì ẹnikẹ́ni máa wálẹ̀. Tá a bá mọ̀ pé ìpè yẹn ń ṣiṣẹ́, a ò ní máa ṣe ìwádìí lórí ẹ̀.

Bá a ṣe máa gba ìfọwọ́sí

Dókítà tó ń tọ́jú èèyàn ò ní bá a sọ̀rọ̀ pé kó wọnú ìwádìí yìí. Aláìsàn tó bá ń wojú dókítà ẹ̀ á máa rò ó pé tóun bá kọ̀, bóyá wọn ò ní tọ́jú òun dáadáa mọ́, ẹnu ẹ̀ á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà" nígbà tọ́kàn ẹ̀ ń sọ pé rárá, irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Gbogbo ohun tí dókítà máa ṣe ni kó fún un ní ìwé pélébé kan. Tó bá wù ú, òun fúnra ẹ̀ á wá bá ẹni tá a ti kọ́ níṣẹ́ yìí, tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, nínú yàrá tí ẹlòmíì ò ti lè gbọ́ wọn.

Ẹni náà á ṣàlàyé ní èdè tó yé aláìsàn, á wá ní kó sọ ọ́ pa dà lẹ́nu ara ẹ̀. Kì í ṣe "ṣó yé yín?" la máa bi wọ́n, torí kò sẹ́ni tí ò ní sọ pé ó yé òun. Ohun tá a máa bi wọ́n ni: "Ẹ bá wa sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé a máa ṣe fún yín. Tí kọ̀ǹpútà ò bá mú yín sọ́dọ̀ àwọn tá a máa pè ńkọ́? Tó bá sú yín láàárín, kí lẹ máa ṣe?" Tí ẹnì kan bá dáhùn pé "ẹ máa wò mí sàn", a ò tíì ṣàlàyé dáadáa nìyẹn, a máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú, ó gbọ́dọ̀ yé e kó tó fọwọ́ sí nǹkan.

Lẹ́yìn náà lá mú fọ́ọ̀mù lọ sílé. Ó kéré tán wákàtí 24 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó fọwọ́ sí i, kó lè bá ẹni tó bá wù ú sọ ọ́. Ẹni tí ò mọ̀wé kà, ẹlẹ́rìí kan tí kò sí nínú ikọ̀ wa á wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe pé ká ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pè é wá tó bá ku ìka títẹ̀. Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ olúkópa. Gbígba ohùn sílẹ̀ ní àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀ lórí fọ́ọ̀mù, èèyàn lè gba ìpè kó sì kọ ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ jáde á jáde, kò ní sọ ìdí, kò ní lọ kọ lẹ́tà, tó bá tẹ 9 nígbà tí fóònù dún, ìpè ti dúró nìyẹn. Tó bá ní ká yọ àkọsílẹ̀ òun, a máa yọ ọ́, àfi tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ìyẹn wà lórí fọ́ọ̀mù gàdàgbà. Tá a bá yí nǹkan kan pa dà nínú ètò yìí, a máa gbé e wá sọ́dọ̀ yín kọ́kọ́, a ó wá tún gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ wa sùn, nọ́ńbà tiyín wà lójú ìwé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù, kò ní gba ọwọ́ wa kọjá. Tí nǹkan burúkú bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nítorí ìwádìí yìí, ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wa láàárín wákàtí 24.

Ibi tá a ti fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dá sí i

Ẹnu wa ò tíì kò lórí àwọn tí kò ní fóònù tiwọn, tí wọ́n jọ ń lo ọ̀kan pẹ̀lú ọkọ, aya tàbí ọmọ. Tá a bá yọ wọ́n kúrò, àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ là ń yọ, wọ́n sì wà lára àwọn tí irú ìpè yìí lè wúlò fún jù. Tá a bá gbà wọ́n, àṣírí wọn wà lójú pópó. Àbá tá a mú wá ni pé kí ìpè má sọ nǹkan kan títí ẹni tó gbé e á fi tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí olúkópa fúnra ẹ̀ yàn, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìpè á já. Àwọn kan nínú wa ní ìyẹn ò tó, pé fóònù tó ń dún ní aago kan náà lójoojúmọ́ tó ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ gan-an á mú kí ará ilé máa fura. A ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń pín fóònù lò títí tẹ́ ẹ fi máa fún wa lésì.