Dèjì Lórí Àga Oníṣègùn Eyín

Láti òwúrọ̀ ni Dèjì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ ní kó wọ bàtà, ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ó jókòó ti èkejì. Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kó o láyà jẹ lálẹ́ àná. Ó ní ẹ̀mú ni oníṣègùn eyín máa ń kọ́kọ́ mú, bí ọmọ bá sì pariwo, eyín méjì ni wọ́n á fà dípò ọ̀kan. Ọmọ ọdún 7 ni Dèjì, kò dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín rí, ó sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ohun kan ń ké fùùù nínú yàrá tó kángun sí wọn. Dèjì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n pè wọ́n wọlé, ó gun àga ńlá náà, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára àwo irin tí wọ́n to irinṣẹ́ sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní, ṣùgbọ́n kò la ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Dókítà yọ ìbòmú rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí ojú rẹ̀. "Káàárọ̀, Dèjì. Èwo lò ń wò nínú wọn?"

"Èyí tó mú yẹn."

"Ó dáa, òun la máa fi bẹ̀rẹ̀. Na ọwọ́ ẹ."

Ó fi ṣóńṣó irinṣẹ́ náà lé èékánná àtàǹpàkò Dèjì, ó rọra fà á kọjá. Kò dùn ún rárá.

"Ohun tó ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ara eyín le, ó sì ń dán. Tí mo bá fi èyí rìn lórí ẹ̀, ọwọ́ mi á mọ̀ bí ibì kan bá rí gbágungbàgun, tàbí tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́."

"Kòkòrò tó ń rìn?"

"Rárá o. Èyí tí ojú lásán ò lè rí ni. Ṣúgà tó bá kù sẹ́nu ló ń jẹ, á wá pọ omi kíkan sára eyín. Omi kíkan yẹn ló ń jẹ eyín títí táá fi dá ihò sí i."

Dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn ló kàn. Dókítà ní òun fi ń wo ẹ̀yìn eyín tí ojú òun ò lè dé, òun tún fi ń darí iná sí kọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n imú ni kí o máa fi mí. Tí o bá fi ẹnu mí, èémí á bò ó, mi ò ní ríran mọ́."

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tì í bọ inú ife omi, omi sì gbẹ fùùù! Ojú Dèjì là. Ohùn tó gbọ́ níta nìyẹn. Páìpù yìí ló ń fa omi àti itọ́ kúrò lẹ́nu kó má baà di pé aláìsàn ń gbé e mì. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́yìn ọwọ́ láti inú irinṣẹ́ mìíràn, wọ́n tún fi ta omi díẹ̀ sí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè èyí tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Ẹ̀mú ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀mú wà. Eyín tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe la fi ń yọ. Ká tó lò ó, a máa ń fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú kó má baà dunni. Tìẹ ò gbà á lónìí, torí náà kò sí lórí àwo yìí. Tó bá di pé ó pọn dandan lọ́jọ́ kan, màá kọ́kọ́ sọ fún ẹ."

Irú ìdáhùn tó yẹ ọmọdé nìyẹn. Ẹni tó bá purọ́ fún un lónìí, kò ní lè ní kó ya ẹnu lọ́la.

"Tí o bá fẹ́ kí n dúró," Dókítà ní, "gbé ọwọ́ òsì sókè."

Dígí ò tíì pẹ́ lẹ́nu Dèjì tó fi gbé ọwọ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Dókítà yọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, ó dúró. Ìgbà náà ni èjìká ọmọ náà rọ̀.

Wọ́n ka eyín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà wá gbé dígí ńlá lé e lọ́wọ́, ó tan iná sí ìkángun ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, orí eyín funfun kan ti ń yọ láti inú èrìgì, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹran.

"Eyín àgbà nìyẹn. Bí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6 ló ń yọ. Kò rọ́pò ìkankan, òun náà kì í sì í ní arọ́pò. Ó láwọn kòtò tóóró lórí tí oúnjẹ ń há sí, torí náà jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì ẹ máa dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Ó kù kí wọ́n fọ̀ ọ́. Rọ́bà kékeré kan tó ń yí ni wọ́n fi ọṣẹ eyín sí, wọ́n kọ́kọ́ yí i lórí èékánná rẹ̀ kó mọ bó ṣe rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Dèjì ní, "ṣé mo lè di páìpù yẹn mú fúnra mi?"

Nọ́ọ̀sì fi lé e lọ́wọ́. Ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì ya ẹnu gbàgà.