Ìwé Ìfiṣọwọ́ Kíákíá: Aláboyún Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ru

Àgọ́ Ìlera Alábọ́dé, Orílé Ìjàyè,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
14 Oṣù Kẹwàá, 2024. Aago 10:10 àárọ̀.

Sí Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Ẹ̀ka Ìgbẹ̀bí,
Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́, Yemẹtù, Ìbàdàn.

Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà.

Mo fi Arábìnrin F. A. ránṣẹ́ sí yín, ẹni ọdún 21, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 4 Oṣù Kẹta, oyún náà pé ọ̀sẹ̀ 32 lónìí. Lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 16, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 110/70. Ní ọ̀sẹ̀ 28 ó jẹ́ 120/80. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ 30.

Láti àná ni orí ti ń fọ́ ọ gidigidi, ojú rẹ̀ ń ṣú, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún sì ń dùn ún. Òrùka ìgbéyàwó kò bọ́ mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ náà wú. Gìrì kò tíì gbé e. Ìfúnpá ní aago 9:10 jẹ́ 168/112; lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tó fi jókòó jẹ́ẹ́, 166/112. Purotéènì inú ìtọ̀ jẹ́ ++. Gíga ilé ọmọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29, orí ọmọ ló wà nísàlẹ̀, ọkàn ọmọ ń lù ní 144, kò sì tíì rọbí. Kò sí ikọ́ fée, kò sí oògùn tí kì í bá a lára mu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O pọ́sítíìfù, PCV 33.

Ó lo nífẹdipín mílígíráàmù 10 ní 9:30. Ní 9:40 mo fún un ní magiṣíọ́mù sọ́fétì gíráàmù 10 sínú iṣan ìdí, 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì, pẹ̀lú lidokéènì mílílítà 1 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fún un ní ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ń bá abẹ́rẹ́ ìdí lọ, gíráàmù 5 tó tẹ̀ lé e bọ́ sí aago 13:40, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ eékún, èémí àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kó tó gbéra, eékún rẹ̀ ń ta dáadáa, ó ń mí ní 18 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ inú àpò katẹ́tà jẹ́ mílílítà 120. Ìfúnpá ní aago 10:00 jẹ́ 152/100. Mi ò tíì fún un ní abẹ́rẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ìrora abẹ́ ìhà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. A ò ní ẹ̀rọ tí a fi lè yẹ ẹ̀dọ̀, kídìnrín àti iye pẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é kí ẹ tó ṣe ìpinnu lórí ìbímọ. Ó jẹ́wọ́ pé òun mu àgbo fún ọjọ́ méjì, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Agbẹ̀bí wa kan ń tẹ̀ lé e, aláboyún náà sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Báàgì èémí àti kálíṣíọ́mù glúkónétì gíráàmù 1 wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí náà. Ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ṣe tán láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Káàdì oyún rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

Bí ẹ bá dá a padà sílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ oògùn tó ń lò àti ìfúnpá tó bá lọ sẹ́yìn ìwé yìí, kí n lè máa yẹ̀ ẹ́ wò títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.

Emi ni tiyín,
A. Ọ.,
Òṣìṣẹ́ Ìlera Agbègbè Àgbà.