Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá elépo: iye owó, iye kẹ́ẹ̀gì, bí ẹrù ṣe máa dé àti ohun tí a máa dá wọn lóhùn

Mọ̀mí, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ bá wa kí ìyàwó àti ọkọ ìyàwó.

Mo ti gbọ́ ohùn tí bọ̀ọ̀dá elépo fi ránṣẹ́ láti Òkìtìpupa tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú 11 ni. Ìkíni àti òjò tó ba ọ̀nà oko wọn jẹ́ ló gba 3 àkọ́kọ́, n ò kọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó ka èyí, torí iye méjì ni wọ́n pè.

IYE OWÓ
Ní ìṣẹ́jú kẹrin, wọ́n ní ₦41,000 ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 fún ẹni tó bá kó 50 sókè. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹsàn-án tí wọ́n ń ṣírò tiwa, ó di ₦41,500, wọ́n tún ní àwọn ṣàánú wa ni. Kẹ́ẹ̀gì 60 la béèrè, ó kúkú ju 50 lọ. Lójú tèmi, torí pé 45 ló máa kọ́kọ́ wá ni wọ́n fẹ́ fi yọ wá kúrò nínú ẹ̀dínwó. Lórí 45, ₦22,500 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Lórí 60, ₦30,000.

Owó epo nìkan nìyí o, kò kan kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní òfìfo 30 tiwọn ló wà lọ́wọ́ wa, èyí tí a ò bá dá padà, ₦2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka èyí tó wà lẹ́yìn ìsọ̀, mo tún un kà: 28 ni, ìdí ọ̀kan sì ti là.

IYE ẸRÙ
45 ti wà nílẹ̀. 15 tó kù di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí òjò bá gbà wọ́n láyè láti kó ẹyìn wálé. Wọn ò sọ iye tí wọ́n máa ta 15 yẹn.

Ti kẹ́ẹ̀gì 2 tí a bá omi nísàlẹ̀ wọn lọ́jọ́sí, wọ́n ní àwọn máa fi 1 rọ́pò. N ò mọ bí 2 ṣe di 1.

BÍ Ó ṢE MÁA DÉ
Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa dì í sọ́kọ̀, àárọ̀ Ọjọ́rú ló máa dé Bódìjà. Àwa la máa san owó mọ́tò, ₦700 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ìyẹn ₦31,500 fún 45. Wọn ò dárúkọ owó alábàárù rárá. Èyí tó bá jò lọ́nà, wọ́n ní ká bá awakọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé awakọ̀ kan ò tíì sanwó epo fún wa rí.

Wọ́n ń béèrè àsansílẹ̀ ₦1,000,000 kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kí a sì san ìyókù kí epo tó kúrò lórí mọ́tò. Ẹ̀yin kì í sanwó tán láìṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì wò, ni mo ṣe ní kí n tọ́ka sí i.

Wọ́n ní kí a fèsì kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, torí oníbàárà kan ní Ọ̀rẹ̀ ń wo 45 yẹn. (Oníbàárà Ọ̀rẹ̀ yìí ò sinmi.)

ÈSÌ TÍ MO KỌ SÍLẸ̀ NÍ ORÚKỌ YÍN
“Ẹ kú iṣẹ́ o, oníbàárà mi. Mo gbọ́ yín. Kẹ́ẹ̀gì 60 ni mo ń rà, ₦41,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 45 ní Ọjọ́rú, 15 ní ọ̀sẹ̀ kejì ní iye kan náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kẹ́ẹ̀gì 2 ló lómi, 2 ni kí ẹ fi rọ́pò, kí ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ 45. Òfìfo yín tó wà lọ́dọ̀ mi 28 ni. Ẹ bá mi wo ìwé yín. Mo gbà láti san owó mọ́tò, ṣùgbọ́n èyí tó bá jò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ti yín ni. Ta ló máa san owó alábàárù? Bí ẹ bá ti fèsì sí gbogbo èyí, ₦1,000,000 máa wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyókù, tí a bá ti sọ̀ ọ́ tí mo sì ti ṣí i wò.”

N ò tíì fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbà fún wọn ní ₦41,500, ẹ sọ fún mi kí n yí i. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n da òfìfo tó là yẹn mọ́ àwọn tó kù.