Káàdì Àwòrán fún Àtúnyẹ̀wò Ìdánwò Àṣewọlé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Àwòrán àti ìbéèrè wà ní iwájú káàdì kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ ìdáhùn tìrẹ sínú ìwé kí o tó yí káàdì padà, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn yóò máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èyí tí o bá gbà, kó o sí apá kan. Èyí tí o bá kùnà, tún un wò ní ọjọ́ kejì.

Káàdì 1: Ẹ̀fọn

*Àwòrán:* Àgbá omi kan wà lábẹ́ òrùlé láìní ìdérí. Ẹyin wẹ́wẹ́ léfòó sí ojú omi. Tanwíjí kan nà gbọọrọ lábẹ́ ojú omi náà. Ẹ̀dá kékeré kan tí ó tẹ̀ kọdọrọ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fọn méjì bà sí ara ògiri: ara ẹ̀fọn A bá ògiri dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn B na ìdí sókè.

*Ìbéèrè:* (a) To ìpele mẹ́rin ìgbésí ayé ẹ̀fọn tẹ̀ léra wọn. (b) Èwo nínú A àti B ni ó ń gbé ibà kiri? (d) Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí a dé àgbá náà?

*Ìdáhùn:* (a) Ẹyin, tanwíjí, kókó, lẹ́yìn náà ẹ̀fọn tí ó dàgbà. (b) Ẹ̀fọn B ni, èyí tí a ń pè ní Anọ́fílíìsì. Abo rẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ ènìyàn, nítorí pé ó nílò ẹ̀jẹ̀ kí ẹyin inú rẹ̀ lè gbó. Omi dídùn ara ewéko àti òdòdó ni akọ ń mu. Má ṣe kọ pé ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà: kòkòrò àìfojúrí tí ẹ̀fọn gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fà á. (d) Inú omi ni mẹ́ta nínú ìpele mẹ́rin náà ti ń wáyé, nítorí náà bí ẹ̀fọn kò bá ráyè yé ẹyin sínú omi, ìran rẹ̀ kò lè pọ̀ sí i níbẹ̀.

Káàdì 2: Àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà

*Àwòrán:* Ẹyẹ idì pupa dúró lórí asà dúdú. Ẹṣin funfun méjì gbé asà náà dúró. Ilà funfun tí ó rí bí lẹ́tà Y wà láàárín rẹ̀.

*Ìbéèrè:* Kí ni ohun kọ̀ọ̀kan dúró fún, níbo sì ni ẹsẹ̀ Y náà ti pàdé lórí ilẹ̀ gan-an?

*Ìdáhùn:* Idì dúró fún agbára, ẹṣin fún iyì, asà dúdú fún ilẹ̀ ọlọ́ràá. Y jẹ́ odò Ọya àti odò Bẹ́núè, tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, ní ìpínlẹ̀ Kogí.

Káàdì 3: Aago

*Àwòrán:* Ọwọ́ gígùn wà lórí 6. Ọwọ́ kúkúrú wà ní agbedeméjì 3 àti 4.

*Ìbéèrè:* Aago mélòó ni ó lù, dígírì mélòó sì ni igun kékeré tí ó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì?

*Ìdáhùn:* Aago mẹ́ta àbọ̀ ni. Dígírì 30 ni ó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì. Láti agbedeméjì 3 àti 4 dé 6 jẹ́ ààyè méjì àbọ̀, tí í ṣe 75. Ẹni tí ó bá kọ 90 ti gbàgbé pé ọwọ́ kúkúrú náà ń rìn.

Káàdì 4: Oko onígun mẹ́rin

*Àwòrán:* Oko kan gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 8. Òpó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, a sì fẹ́ ri àwọn òpó yòókù kí mítà 4 máa wà láàárín òpó kan àti èkejì yí oko náà ká.

*Ìbéèrè:* Òpó mélòó ni yóò wà lápapọ̀?

*Ìdáhùn:* Àyíká oko jẹ́ 12 + 8 + 12 + 8 = 40; 40 ÷ 4 = 10. Bí o bá ka òpó ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 4 + 3 + 4 + 3 yóò fún ọ ní 14, ṣùgbọ́n o ti ka òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì. Yọ 4 kúrò, 10 náà ni yóò kù. Fi pẹ́ńsù ya oko náà kí o tó ṣe ìṣirò, kódà bí o bá rò pé ó rọrùn.

Káàdì 5: Nọ́ńbà nínú àwòrán onígun mẹ́ta

*Àwòrán:* Àwòrán onígun mẹ́ta mẹ́ta wà. Ti àkọ́kọ́ ní 2 àti 5 nísàlẹ̀, 14 lókè. Ti ìkejì ní 3 àti 6, 18 lókè. Ti ìkẹta ní 4 àti 7, òkè rẹ̀ ṣófo.

*Ìbéèrè:* Nọ́ńbà wo ni ó yẹ lókè?

*Ìdáhùn:* 22. A ó ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀, a ó sì sọ àròpọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Òtítọ́ ni pé 2 × 5 + 4 náà jẹ́ 14, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò bá ti ìkejì mu, nítorí 3 × 6 + 4 jẹ́ 22, kì í ṣe 18. Dán òfin rẹ wò lára àwòrán méjì kí o tó lò ó fún ìkẹta.