Lẹ́tà sí Kápútéènì Ìrìnàjò 417, Àbújá sí Èkó: Ìdí Tí Mo Fi Fi Kílò 1,800 Kún Epo

Ọ́fíìsì Ìṣètò Ìrìnàjò, Àbújá
14 Oṣù Karùn-ún, aago 1530Z

Kápútéènì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Ẹ ó rí i lórí ìwé ìrìnàjò pé kílò 6,990 ni mo kọ sí epo, nígbà tí kọ̀ǹpútà ní 5,190 ti tó. Kílò 1,800 tó wà láàárín, èmi ni mo fi kún un, ìjì òjò tó ń lọ sí Èkó ló sì fà á. Mo ń kọ ìṣirò náà ránṣẹ́ kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí ọ̀dọ̀ yín ni ìpinnu ìkẹyìn wà.

Àsọtẹ́lẹ̀ Èkó nìyí:

```
TAF DNMM 141100Z 1412/1518 21008KT 9999 SCT012
  PROB40 TEMPO 1417/1420 08025G40KT 2000 TSRA
  BKN010 FEW022CB
```

Ìlà PROB40 TEMPO yẹn ni kọ̀ǹpútà fò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tò ó: àsọtẹ́lẹ̀ onígbà díẹ̀ kì í wọ ìṣirò epo. Lọ́jọ́ mìíràn n kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ lónìí kì í ṣe òjò ọ̀sán tó ń rọ̀ níhìn-ín tó ń dá lọ́hùn-ún. Ìlà ìjì gan-an ni, ó nà láti àríwá sí gúúsù bí ògiri, ó sì ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì ti 1500Z, iwájú rẹ̀ ti dé òkè Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀tì 35 ló fi ń rìn. Láti Àkúrẹ́ dé Èkó, tí a bá wọ̀n ọ́n gba ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, máìlì òkun 109 ni, nítorí náà iwájú ìjì á kan pápákọ̀ Èkó ní nǹkan bí 1806Z. Inú ìjì náà fẹ̀ tó máìlì 16, yóò sì gbà á tó ìṣẹ́jú 27 kó tó kọjá tán, ìyẹn 1833Z. Ẹ̀yin ń gbéra ní 1705Z, ẹ ó sì dé ní 1800Z. Ẹ̀yin àti ìjì ń dé ilé kan náà ní àsìkò kan náà.

Báyìí ni mo ṣe pín 1,800 náà.

Kílò 180 wà fún ìdúró lórí ilẹ̀. Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sáàárín àwọn bàlúù tó ń wọlé, táwà Àbújá sì lè dá yín dúró tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú 15, kílò 12 ní ìṣẹ́jú kan. Kílò 200 tí kọ̀ǹpútà fi sílẹ̀ fún ìrìn orí ilẹ̀ kò ka èyí.

Kílò 400 wà fún yíyà kúrò lójú ọ̀nà: ìṣẹ́jú 10, kílò 40 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ìkùukùu kéékèèké ṣì wà lẹ́yìn ìlà náà láàárín Lọ́kọ́ja àti Ọ̀wọ̀. Wọ́n lè fún yín ní ipele tó rẹlẹ̀ ju èyí tí a béèrè lọ, ẹ ó sì ní láti tan ohun tí ń mú kí yìnyín má dì lára ẹ́ńjìnnì. Méjèèjì ń jẹ epo.

Èyí tó pọ̀ jù ni kílò 950, fún yíyípo lókè ní ìṣẹ́jú 25, kílò 38 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 10 yà kiri, 1810Z ni ẹ ó dé àyíká Èkó. Ìṣẹ́jú 25 á gbé yín dé 1835Z, lẹ́yìn tí ìjì ti kúrò lórí pápá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè pé ìhà ìlà-oòrùn ni kí wọ́n ti dá yín dúró, lẹ́yìn ìjì. Bí wọ́n bá fi yín sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ìjì náà á máa lé yín ni, atẹ́gùn tó sì ń sáré ṣíwájú rẹ̀ á ti kàn yín kí òjò tó dé.

Kílò 270 tó kù wà fún àtúngbéra kan ṣoṣo àti yíyí padà wá balẹ̀. Atẹ́gùn ṣì lè yí padà lójijì lórí rọ́n-wéè lẹ́yìn ìjì, bàlúù tó sì ṣáájú yín lè sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá ná gbogbo èyí tán, láìfọwọ́ kan kílò 190 ti àìròtẹ́lẹ̀, ohun tó yẹ kó kù nínú táńkì ni 2,690. Láti ibẹ̀, Ìlọrin gba 1,350, epo ìgbẹ̀yìn ti ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 1,150. Àpapọ̀ wọn 2,500. Nítorí náà, 2,700 ni kí ẹ fi ṣe ààlà. Bí gééjì bá kàn án tí Èkó kò tíì ṣí, ẹ máa lọ sí Ìlọrin. Dídúró ìṣẹ́jú márùn-ún sí i á jẹ 190, epo àìròtẹ́lẹ̀ náà á sì tán síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe Kútọnu, nígbà tó sún mọ́ Èkó ju Ìlọrin lọ. Ìjì náà ń lọ síbẹ̀ ni. Ní nọ́ọ̀tì 35, yóò dé Kútọnu ní nǹkan bí 1950Z. Bí ẹ bá yà síbẹ̀ tí nǹkan kan sì dá yín dúró díẹ̀, ẹ ó tún bá a pàdé lẹ́ẹ̀kejì láìsí epo tí ẹ ó fi sá. Ìbàdàn wà nínú ẹ̀yìn ìjì fúnra rẹ̀. Ákrà mọ́ títí di ọ̀gànjọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó máìlì 215, àwọn èrò tó wọkọ̀ láti Àbújá kò sì mú ìwé ìrìnnà dání. Ní ti Ìlọrin, ìjì á ti kọjá níbẹ̀ láti nǹkan bí 1640Z, rọ́n-wéè rẹ̀ gùn tó mítà 3,100, mo sì ti bá táwà wọn sọ̀rọ̀: wọ́n á wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 2100Z.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò le. Bàlúù àti ẹrù jẹ́ 57,400. Kódà bí ẹ kò bá lo ẹyọ kílò kan nínú epo àfikún, 61,890 ni ẹ ó fi balẹ̀, ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí Bóyìn 737-800 yín lè fi balẹ̀ sì jẹ́ 65,317. Rọ́n-wéè 18R Èkó jẹ́ mítà 3,900, ó gbà yín dáadáa bó tilẹ̀ tutù. Gbígbé 1,800 yẹn rìn á jẹ nǹkan bí kílò 50. Mo gbà pé owó ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí yíyà sí Ìlọrin kí a sì tún padà.

Nípa rédà: ẹ fi máìlì 20 sílẹ̀ fún gbogbo ìkùukùu tó bá pupa, ẹ má sì gba àárín méjì kọjá bí àyè tó wà níbẹ̀ kò bá tó 40. Ibi tó bá dà bíi pé ó ṣófo lẹ́yìn pupa, ẹ má gbà á gbọ́. Òjò ńlá ń gbé ìtànṣán rédà mì, kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kílò 2,900 ló kù nínú táńkì láti ìrìnàjò tó kọjá, nítorí náà 4,090 ni a óò rà. Bí ìwọ̀n epo bá jẹ́ 0.80, ìyẹn á tó lítà 5,110. Mo ti ní kí ọkọ̀ epo dúró dè yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fi kún un tàbí kí n dín in, ẹ pè mí kó tó di 1635Z, kó má bàa lọ sọ́dọ̀ bàlúù mìíràn. Àwòrán sátẹ́láìtì 1630Z náà, màá fi ránṣẹ́ sí yín lórí ACARS. Bí ìlà náà bá ti yára ju nọ́ọ̀tì 35 lọ, ìṣẹ́jú ìyípo yín á dín kù, bó bá sì fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Tiyín ní tòótọ́,
Dísípáṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́