Orí Kẹta: Ìfẹnukonu Tó Ṣí Orin Sólómọ́nì

"Kí ó fi ìfẹnukonu ẹnu rẹ̀ kò mí lẹ́nu." Bí obìnrin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ Orin Sólómọ́nì nìyẹn, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ẹni tó ń bá wí. Orí 8 péré ni ìwé náà. Kò sí òfin nínú rẹ̀, kò sí àsọtẹ́lẹ̀, kò sì sí àdúrà. Dípò kí n máa sáré látorí ẹsẹ kan sí òmíràn, ẹsẹ yìí nìkan ni màá dì mú nínú orí yìí, torí ibẹ̀ ni onítumọ̀ kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ ń fi ara rẹ̀ hàn.

Àríyànjiyàn wà láàrin àwọn rábì ìgbàanì lórí bóyá ìwé náà tilẹ̀ yẹ láàrin Ìwé Mímọ́. Rábì Akíbà, tó kú ní nǹkan bí ọdún 135, kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà falẹ̀: ó ní mímọ́ ni gbogbo Ìwé, ṣùgbọ́n Orin yìí ni ibi mímọ́ jùlọ. Òun kan náà ni wọ́n ní ó sọ pé ẹni tó bá ń fi í dárà nílé àsè bí orin lásán kò ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ta ní ń fi èèwọ̀ de ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe? Àwọn kan ń kọ ọ́ nídìí ọtí.

Nínú Tágọ́mù, ìtumọ̀ èdè Árámáíkì, ìfẹnukonu náà ti di ọjọ́ tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì ní Òfin, tó bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú bí ẹni tó ń fẹnu ko olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Órígẹ́nì, onímọ̀ Ìwé Mímọ́ kan láàrin àwọn Kristẹni ìgbàanì, náà kò jìnnà síyẹn, àfi pé Kristi ni ọkọ ìyàwó rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 240 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àlàyé alápá 10 lórí Orin náà. Lójú rẹ̀, ó ti sú ìyàwó láti máa gba iṣẹ́ tí ọkọ rán sí i láti ọwọ́ Mósè àti àwọn wòlíì. Ẹnu ọkọ fúnra rẹ̀ ló kù tó ń fẹ́. Síbẹ̀, ó kìlọ̀ pé kí ẹni tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ṣì ń dà láàmú má fọwọ́ kan ìwé náà.

Ẹ wo ohun kan níbí. Ẹsẹ náà ń bá a lọ pé "ìfẹ́ rẹ sàn ju wáìnì lọ." Lẹ́tà Hébérù tó wà níbẹ̀ ṣeé kà sí "ìfẹ́ rẹ", ó sì ṣeé kà sí "ọyàn rẹ", nítorí a kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀ láyé ọjọ́un. "Ọyàn" ni àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì kà, Látìn sì tẹ̀ lé wọn. Bí ọkọ ìyàwó ṣe dọlọ́yàn nìyẹn. Àwọn baba ìjọ kò sá fún un rárá. Órígẹ́nì ní ọkàn Kristi ni ọyàn náà, níbi tí Jòhánù fara tì.

Bánádì ti Kilafó, olórí ilé àdáwà kan ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí Orin náà ní 1135. Nígbà tó fi kú ní 1153, ìwàásù 86 ló ti ṣe, kò sì tíì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹta. Ó ní ẹ̀dá kì í sáré lọ sí ẹnu: ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ń fẹnu kò, ní ìrònúpìwàdà, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ń gbéni dìde, kó tó wá kan ẹnu. Ọyàn méjèèjì jẹ́ sùúrù tí Ọlọ́run fi ń dúró de ẹlẹ́ṣẹ̀ àti àánú tó fi ń gbà á. Àwọn ọkùnrin inú ilé àdáwà ló sì ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń fi ara wọn sí ipò ìyàwó, tí kò sì yà wọ́n lẹ́nu.

Ṣáájú rẹ̀, rábì Ráṣì (1040 sí 1105) ní ilẹ̀ Faransé ti gbọ́ ohùn mìíràn: opó tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń fẹnu ko ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí èjìká, ṣùgbọ́n ẹnu sí ẹnu, bíi ti àtijọ́, ni ìyàwó yìí ń fẹ́. Ísírẹ́lì ni obìnrin náà, nínú ìgbèkùn, ó ń rántí. Lójú tèmi, kò sí ìtumọ̀ àkàwé tó sún mọ́ ìrora inú orin náà tó èyí.

Ẹni tó bá sì ní ìfẹnukonu lásán ni, ó máa ń jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ní Jẹ̀nífà ní 1544, wọn kò gbà kí Kásítẹ́líò, olùkọ́ kan níbẹ̀, di àlùfáà, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé ó ka Orin náà sí orin ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Luís de León, àlùfáà kan ní Sípéènì, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Sípéènì. Ó wà lára ẹ̀sùn tó gbé e sẹ́wọ̀n láti 1572 sí 1576.

Nígbà tó fi di 1778 tí òǹkọ̀wé Hẹ́dà ní Jámánì tẹ ìtumọ̀ tirẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí àkójọ orin ìfẹ́, ẹ̀wọ̀n ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tún wá ka orin ìfẹ́ Íjíbítì àtijọ́ nínú ìwé pápírọ́sì, tí olólùfẹ́ ti ń pe ara wọn ní arákùnrin àti arábìnrin, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé inú irú ìdílé orin bẹ́ẹ̀ ni Orin Sólómọ́nì ti wá. "Ìfẹ́ rẹ" sì padà sí ipò rẹ̀ nínú ìtumọ̀ tuntun, ọyàn lọ.

Àkàwé kò tìtorí èyí kúrò nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sínágọ́gù, wọ́n ṣì ń ka Orin náà nígbà Àjọ Ìrékọjá, láti ẹsẹ àkọ́kọ́, nítorí ìjáde kúrò ní Íjíbítì ni wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀.