DKA lójú ìwé kan: àtẹ ìpinnu fún wọ́ọ̀dù wa (àgbàlagbà nìkan)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ iṣẹ́ alẹ́, inú ìwé ìlànà JBDS ti 2023 ni mo ti fa eléyìí yọ. Ìwé yẹn gùn gan, ta ló máa ráyè ṣí i láago mẹ́ta òru nígbà táláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú ẹ̀. Ibi tó ti ní "tó bá rí báyìí, ṣe báyìí" nìkan ni mo kó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má fo àpótí kankan.

1. Ṣé DKA ni?
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé:
ṣúgà ju 11 mmol/L lọ, àbí ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ (ṣúgà aláboyún lè má fi bẹ́ẹ̀ ga o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín);
kítónì ẹ̀jẹ̀ 3 lọ sókè, àbí ++ lọ sókè nínú ìtọ̀;
pH kò tó 7.3, àbí baikábónéètì kò tó 15.
Rárá → ẹ wá nǹkan míì tó ń ṣe é.
Bẹ́ẹ̀ni → 2.

2. Ṣé ó ti ju agbára wọ́ọ̀dù lọ?
Kítónì ju 6, baikábónéètì kò tó 5, pH kò tó 7.0, potásíọ̀mù kò tó 3.5, ọ́síjìn kò tó 92%, ìfúnpá òkè kò tó 90, kò dáhùn dáadáa tá a bá pè é, tàbí ó lóyún.
Ọ̀kan péré → ẹ pe dókítà àgbà àti àìsíyù nísìnyí, kẹ́ ẹ sì máa bá 3 lọ, ẹ má jókòó dúró dè wọ́n.

3. Omi kọ́kọ́
Ìfúnpá òkè kò tó 90 → sálínì 0.9% 500 ml láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, tún un wọ̀n, tí ò bá tíì gbéra ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó tó 90 → lítà 1 ní wákàtí 1, lẹ́yìn náà lítà kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 2, 2, 4, 4, 6.
Arúgbó, ọlọ́kàn dídùn, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, àti ọmọ ọdún 18 sí 25 → ẹ rọra, ẹ bi dókítà àgbà.

4. Potásíọ̀mù
Èmi ni mo gbé àpótí yìí síwájú insulínì, torí insulínì á ti potásíọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì ara, tó bá ti kéré tẹ́lẹ̀ ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró.
Ju 5.5 → ẹ má fi kankan sí i, ẹ tún un yẹ̀ wò.
3.5 sí 5.5 → 40 mmol nínú lítà kọ̀ọ̀kan, láti àpò kejì.
Kò tó 3.5 → Ẹ MÁ TÍÌ BẸ̀RẸ̀ INSULÍNÌ, Ẹ DÚRÓ NÁ. Dókítà àgbà, mọnítọ̀ ọkàn, potásíọ̀mù kọ́kọ́.
A kì í gún potásíọ̀mù tààrà sínú iṣan láìpò ó, láéláé.

5. Insulínì
50 yúnìtì nínú sálínì 50 ml, ìyẹn ni pé ml 1 jẹ́ yúnìtì 1. 0.1 yúnìtì/kg/wákàtí, ẹni 60 kg á gba 6 ml ní wákàtí kan. Tó bá ti ń lo insulínì ọlọ́jọ́ gígùn nílé, ẹ má dá a dúró.

6. Wákàtí wákàtí: ṣé ó ń sọ̀kalẹ̀?
Kítónì gbọ́dọ̀ máa fi 0.5 dín (tí kò bá sí ẹ̀rọ kítónì: baikábónéètì á fi 3 lé, ṣúgà á fi 3 dín). Potásíọ̀mù ní wákàtí 1, 2, lẹ́yìn ẹ̀ ní wákàtí méjì méjì.
Rárá → ẹ wo pọ́ọ̀mpù, ẹ tọ rọ́bà yẹn lọ dé ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé, ṣé kò ká, ṣé apá ò wú. Gbogbo ẹ̀ dáa? Ẹ fi yúnìtì 1 lé e ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

7. Ṣúgà ti kéré sí 14?
Ẹ MÁ PA INSULÍNÌ. Ẹ so glúkóòsì 10% mọ́ ọn, 125 ml ní wákàtí, kí sálínì ṣì máa lọ, ẹ lè dín insulínì sí 0.05.
Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ a rí ṣúgà 9 lóru ọjọ́ kan, inú wa dùn, a pa pọ́ọ̀mpù, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ kítónì ti padà sókè, ọmọbìnrin yẹn tún ti ń bì. Kítónì là ń lé, kì í ṣe ṣúgà.

8. Ṣé ó ti tán?
Kítónì kò tó 0.6 ÀTI pH ju 7.3 lọ.
Bẹ́ẹ̀ni, ó sì ń jẹun → insulínì ayára sábẹ́ awọ pẹ̀lú oúnjẹ, kí pọ́ọ̀mpù ṣì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.
Rárá → padà sí 6. Wákàtí 24 ti pé → ẹ pe àwọn dókítà àtọ̀gbẹ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀: kí ló fà á? Ẹ wo àyà, ìtọ̀, ibà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì fohùn tútù bi í bóyá insulínì ló tán nílé tí kò rówó rà.